Owó oúnjẹ ń dá ilé mi rú láàárín ìyálé àti ìyàwó, báwo lẹ ṣe ń pín tiyín?

Onípákó Ìbàdàn
Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará. Ìyàwó méjì ni mo ní, kọ́ńpáàdì kan náà la jọ wà n'Íbàdàn níbí, pákó ni mò ń tà. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti fẹ́ ìyàwó kékeré, ọwọ́ ìyálé ni mò ń kó owó oúnjẹ sí lóṣooṣù, 150,000 náírà, òun ló ń yọ ti ìyàwó fún un. Kò síjà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti bí oṣù méjì wọn ò kíra wọn mọ́, torí ìrẹsì lásán. Ìyàwó ní kóńgò tí ìyálé fi ń wọ̀n fún òun kì í kún, ìyálé ní ọmọ mẹ́rin lòun ní, tiẹ̀ ẹyọ kan, kí ló fẹ́ fi ìrẹsì tó pọ̀ ṣe. Ìyàwó tún lóyún oṣù márùn-ún, ó ń bì gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe pín owó yìí tí ò fi ní síjà mọ́? Ṣé kí n kúkú pín in dọ́gba ni?

Ṣọlá Mẹkáníìkì
Bọ̀ọ̀dá, dọ́gba ni jàre, kí lẹ tún ń rò. 75 síbí 75 sọ́hùn-ún, kí olúkálùkù gbé ìkòkò ẹ̀ kaná. Kùránì gan-an sọ pé kéèyàn ṣe dọ́gba láàárín wọn, tí ò bá lè ṣe é kó fẹ́ ẹyọ kan. Bàbá mi ò pín in dọ́gba, ìyà ẹ̀ jẹ gbogbo wa.

Ará Pẹ́kámù
Háà, ẹ̀yin ọkùnrin yìí náà! Ẹ ní méjì nílé, wọn ò kíra wọn, ẹ tún fẹ́ kó ẹ̀kẹta wọlé, ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe máa bọ́ wọn. Níbí tí mo wà nílùú ọba, wọ́n á ti yín mọ́lé ni. Ẹ jẹ́ kí ara yín balẹ̀ o.

Onípákó Ìbàdàn
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà, mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta rárá. Méjì yìí gan-an ti fẹ́ mú mi wọ bàtà òdì.

Ìyálé Òṣogbo
Bàbá, ẹ kú ilé. Ọdún 22 ni mo ti wà nípò ìyálé, àwa mẹ́ta la wà nílé wa, mo sì ti jẹ àbùkù ọ̀rọ̀ yìí dáadáa kí n tó mọ ojútùú ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ balẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má dá Ṣọlá lóhùn, tí ẹ bá pín in dọ́gba, lọ́la ni ìyálé yín á kó ẹrù ẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló fẹ́ jẹun nínú 75 tiẹ̀, èèyàn méjì ló fẹ́ jẹ nínú 75 ìyàwó, ṣé ẹ ti rí i pé dọ́gba yẹn kì í ṣe dọ́gba.

Ìṣòro yín kọ́kọ́ ni pé owó ìyàwó ń gba ọwọ́ ìyálé kọjá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó wò. Èmi obìnrin tó ní ọkọ, mo máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin míì, mo máa gbé ike dání, ó máa wọn ìrẹsì sí i fún mi, á wá fi ọwọ́ gé e lórí. Kó kún o, kó má kún o, inú mi ò lè dùn sí i. Kóńgò yẹn lè kún ní tòótọ́, ojú mi á ṣì máa rí i bí ẹni pé kò kún ni. Ìyálé yín náà ò gbádùn ẹ̀, òun ló ń fi orí ara ẹ̀ rù ú nígbà tí owó bá tán ní ọjọ́ 22 oṣù, ìyàwó á ní ó jẹ ẹ́ ni, ẹ̀yin á sì ní ẹ ti kówó sílẹ̀.

Bá a ṣe ṣe tiwa nìyí. A pín owó sí oríṣi mẹ́ta, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tí à ń gbà pín in. Owó oúnjẹ, ẹnu la fi ń pín in, kì í ṣe orí ìyàwó. Owó ọwọ́, ìyẹn ti ọṣẹ, ìpara, irun dídì, ìdá-owó ìnáwó ẹbí wọn, ìyẹn ló ń dọ́gba wẹ́kú torí obìnrin kan ò ju obìnrin kan lọ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni owó àjùmọ̀lò, iná, omi, gbígbá ìdọ̀tí, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni nínú wọn ní tìkọ̀kọ̀. Owó súkúù kì í gba ọwọ́ ìyá kankan kọjá, bàbá ló ń lọ san án níléèwé, á mú rìsíìtì bọ̀.

Ẹ sọ iye tí ẹ ń ná lórí ilé lóṣù fún mi, gbogbo ẹ̀ pátá, àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ, kí n bá yín ṣe é.

Onípákó Ìbàdàn
Ẹ ṣé Àlàájà. Yàtọ̀ sí 150 yẹn, mo tún ń san iná, mo ń ra omi, mo ń fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, tí mo bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ á máa tó 240,000, owó súkúù ò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìyálé: ọdún 16, 13, 10 àti 6. Ti ìyàwó ọdún 3.

Ìyálé Òṣogbo
Ó dáa. Ọmọ tó bá ti lé ní ọdún 12, ẹnu kíkún nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ọdún 16 ṣe ń jẹ ẹ̀bà. Tó bá kéré sí i, àbọ̀ ẹnu. Ìyálé fúnra ẹ̀ ẹnu 1, àgbà méjì ẹnu 2, kékeré méjì àbọ̀ àbọ̀, ẹnu 1. Àpapọ̀ 4. Ìyàwó ẹnu 1, ọmọ ẹ̀ àbọ̀, ẹ fi àbọ̀ kún un fún oyún torí kò lè jẹ ohun tí gbogbo yín ń jẹ, ó máa ra èso, ó máa ra ẹyin. Àpapọ̀ 2. Ẹ̀yin ẹnu 1. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 7.

Ẹ yọ 140,000 sílẹ̀ fún oúnjẹ, ẹnu kan á gba 20,000. Ìyálé á gba 80, ìyàwó á gba 40, 20 tiyín ẹ pín in sí méjì torí ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì lẹ ti ń jẹun. Ìyálé 90, ìyàwó 50. Owó ọwọ́ 15,000 fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹ ti di 170. Owó àjùmọ̀lò 30, ó di 200. 40 tó kù, ẹ má pín in, ibà ọmọ àti ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ló wà fún.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fún àwọn méjèèjì, kó wá láti ọwọ́ yín, kí àwọn méjèèjì sì mọ iye tí ẹnì kejì gbà. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ ìyẹn, wọ́n máa ń rò pé tí ẹ bá fi pamọ́ ló máa dín ìjà kù. Irọ́ ni. Tí mi ò bá mọ iye tí orogún mi ń gbà, èmi ni mo máa bá ara mi ṣírò ẹ̀, iye tí mo bá sì ṣírò máa pọ̀ ju òótọ́ lọ ní gbogbo ìgbà.

Ìyàwó Kékeré
Àlàájà ẹ káre, ẹ sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, àwa tí wọ́n ń pè ní ìyàwó. 50 yẹn ò ní tó o. Kì í ṣe pé mo jẹ ju ìyálé lọ, ìkòkò kékeré ló máa ń jẹ owó. Gáàsì tí mo fi se ọbẹ̀ ẹni mẹ́ta, kò yàtọ̀ sí èyí tí ìyálé fi se ti ẹni mẹ́fà. Ìyálé á ra tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀, èmi á ra ti 500 lórí tábìlì. Ibẹ̀ ni owó ń lọ, ọkọ ò sì ní rí i, á ní ìyálé tó ní ọmọ mẹ́rin ò sunkún, ìwọ tó ní ọ̀kan lò ń sunkún.

Ìyálé Òṣogbo
Òótọ́ lo sọ àbúrò mi, mo gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwa ò fi ń jẹ́ kí olúkálùkù ra ìrẹsì tiẹ̀. Àpò ìrẹsì kan la jọ ń rà, owó ẹ̀ máa jáde láti inú owó oúnjẹ olúkálùkù bó ṣe ń gbà á, àpò olókìlò 50 á máa bọ́ sí bíi kóńgò 30 àti díẹ̀. Ti ilé onípákó yìí, tí a bá ka 30, ìyálé á mú 19, ìyàwó 11. Ọjọ́ tí àpò bá wọlé ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, níwájú ara wọn, lójú bàbá, kóńgò kan náà, kí wọ́n fi igi gé e lórí, kó má ṣe pé tẹnì kan lókìtì kí tẹnì kejì tẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, kóńgò ò tún ní gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ títí oṣù á fi parí. Epo àti gàrí bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tó bá jẹ́ dọ́gba, bí ẹran iléyá, ẹni tó bá gé e ni yóò mú kẹ́yìn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ ó rí bí ọ̀bẹ á ṣe máa lọ tààrà.

Áfàá Ìlọrin
Salaamu alaykum. Ṣọlá, o mú ẹ̀gbẹ́ kan o fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Súrà An-Nisai, aaya 3 ló sọ pé tí ẹ bá bẹ̀rù pé ẹ ò ní lè ṣe déédéé, kí ẹ fẹ́ ẹyọ kan. Àmọ́ nínú súrà yẹn kan náà, aaya 129, Ọlọ́run ní ẹ ò lè ṣe déédéé láàárín àwọn obìnrin bó ti wù kí ẹ ṣe ojúkòkòrò ẹ̀ tó, kí ẹ má kàn ti gbára lé ẹnì kan pátápátá kí ẹ wá fi ẹnì kejì rọ̀ bí ohun tí wọ́n so kọ́. Ìfẹ́ ọkàn la ò lè wọ̀n ní kóńgò. Ohun tí a lè wọ̀n ni òru, ilé, oúnjẹ àti aṣọ. Òru máa ń dọ́gba, oúnjẹ ń tẹ̀ lé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò, ìṣirò Àlàájà ò ní àbùkù rárá.

Àmọ́ ọ̀gá onípákó, owó kọ́ ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Òru 42 nìyẹn, 21 níbẹ̀ jẹ́ ti ìyálé yín. Ta lẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, wà nínú àìsàn tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú òun nílé Áíṣà. Kò kàn lọ jókòó síbẹ̀, ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ẹ̀ tó kù, wọ́n sì yọ̀ǹda. Ẹni tí ara ẹ̀ ò yá fúnra ẹ̀ nìyẹn o.

Onípákó Ìbàdàn
Áfàá, mi ò tọrọ ààyè lóòótọ́. Mo rò pé obìnrin bíi tiẹ̀ ló ń bì, ó yẹ kó yé e. Ṣé kí n wá sun 21 gbáko lọ́dọ̀ ìyálé láti fi san án?

Áfàá Ìlọrin
Àwọn onímọ̀ ò fi ẹnu kò síbẹ̀. Ọ̀nà Imáàmù Málíkì tí àwa ará ibí ń tẹ̀ lé, òru tó bá ti lọ ti lọ, a kì í san án padà, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò lọ, ẹ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Àwọn míì ní kí ẹ san án. Èmi ò ní pàṣẹ kankan fún yín lórí fóònù, ẹ lọ bá áfàá àdúgbò yín.

Ìyálé Òṣogbo
Ẹ má lọ sun 21 kankan jàre, ìyàwó tó ń bì á tún ní kí lòun ṣe, ilé á tún gbóná láti apá kejì. Ẹ wọlé tọ ìyálé yín ní ọ̀sán gangan tí kò sí ariwo ọmọ, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti jẹ ọjọ́ ẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ó lè ju ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, òru méjì méjì, kó máa yí lẹ́yìn tí ẹ bá kírun mọ̀gáríbì, kí ẹ gbé aṣọ iṣẹ́ yín kúrò nínú yàrá ẹni tó parí, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn ló ń dáná ọkọ. Tí ẹ bá rìnrìn àjò, kíkà á dúró, ibi tí ẹ bá a dé lẹ ó ti mú un.

Mo tún ní ìbéèrè kan tó ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ ní ọdún mẹ́rin ló fi ń wọn ìrẹsì fún un tí kò síjà. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn? Ṣé ẹ ra nǹkan fún ìyàwó ni?

Onípákó Ìbàdàn
(Mo fẹ́ sọ òótọ́.) Mo ra fírísà fún un. Mo tún fún un ní owó òwò díẹ̀, ó ń ta mínírà àti píọ̀ wọ́tà níwájú ilé. Oyún ẹ̀ ni mo wò, mo ní kó má máa rìn lọ sọ́jà.

Ìyálé Òṣogbo
Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyálé ńkọ́, kí ló ń ṣe?

Onípákó Ìbàdàn
Ata ló ń tà. Òun fúnra ẹ̀ ló fi owó àjọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kó tó di pé mo rí já jẹ.

Ọmọ Ìyàwó Kẹta
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òwúrọ̀, ojú mi ti kún. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ò yàtọ̀ sí ti fírísà yìí. Bàbá wa, dírẹ́bà ni, ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyálé ní nǹkan bí 1994, kò ra nǹkan kan fún ìyá mi, ó ní ìyá mi níṣẹ́ lọ́wọ́, ó jẹ́ tíṣà. Láti ọjọ́ náà tí ìyálé bá ti ń tẹ ẹ̀rọ yẹn, ìyá mi á dìde á lọ ti fèrèsé. Bàbá ti kú, ìyálé ti kú, àwa ọmọ bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tí ikán ti jẹ igi ẹ̀ tán. Nígbà tí a fẹ́ pín ilé, ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn ṣírò mọ́ ti ìdí ìyálé. Mi ò parọ́.

Ó tún ku ti náílọ́ọ̀nù. Bàbá mi máa ń ra búrẹ́dì bọ̀ láti ọ̀nà Ṣàgámù, á gbé e sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, yàrá ìyá mi ló gbẹ̀yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A máa ń jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn, a máa ń gbọ́ ṣàrà ṣàrà náílọ́ọ̀nù yẹn bó ṣe ń bọ̀, a ó sì gbọ́ ibi tó ti dákẹ́.

Akọ̀wé Kóòtù
Ohun tí ọmọ ìyàwó kẹta sọ yẹn ló ń kún kóòtù ìbílẹ̀ wa, mo ti ń kọ̀wé níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Àwọn ìyàwó kò ya òmùgọ̀, wọ́n mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú, ìdí-igi ni wọ́n máa fi pín in nílẹ̀ Yorùbá, ìyẹn ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé nílùú Èkó lẹ lè gbọ́: ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ẹjọ́ ọ̀hún rìn títí dé ilé ẹjọ́ Pírífì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù, 1962 ni wọ́n fi ọwọ́ sí i níbẹ̀ pé ìdí-igi ṣì ni àṣà, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Orí-ò-jorí, ìyẹn pípín in lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wà náà, tí ìjà bá pọ̀ tí olórí ẹbí sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá gbé fírísà wọ yàrá kan, ẹ̀yin rò pé fírísà ni, ìyá tó wà ní yàrá kejì ti ń wò ó bí ohun tó ti wọ ìdí-igi kan tí kò wọ tiẹ̀.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ ò ṣe ìgbéyàwó kóòtù pẹ̀lú ìyálé? Tí ẹ bá ṣe é, obìnrin kan ṣoṣo ni òfin yẹn mọ̀, ìkejì ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀.

Onípákó Ìbàdàn
Rárá o, nìkáà la ṣe fún àwọn méjèèjì.

Áfàá Ìlọrin
Tó bá jẹ́ nìkáà tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n pín in lọ́nà ẹ̀sìn, ìdí-igi kọ́ nìyẹn, àwọn ìyàwó á jọ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ, ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹbí tó kọ ọ́ fún yín.

Ṣọlá Mẹkáníìkì
Ó dáa mo ti gbà pé kì í ṣe 75 sí 75. Àmọ́ Àlàájà, tí ọjà bá kú ńkọ́? Àsìkò òjò, ta ló ń kọ́lé? Níbo ni ọ̀gá yìí ti fẹ́ rí 240 lóṣooṣù?

Ìyálé Òṣogbo
Ìbéèrè dáadáa nìyẹn. Ká ní 180 ló rí lóṣù kan, 60 ló dín. Kó má fọwọ́ kan oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Kó kọ́kọ́ yọ 40 tí a fi pamọ́, ó ku 20, kó yọ 10,000 nínú owó ọwọ́ ìyálé, 10,000 nínú ti ìyàwó. Kó sì sọ ọ́ níwájú àwọn méjèèjì pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá yọ tẹnì kan tó ní tẹnì kejì á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti dá iná sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ju gbogbo ẹ̀ lọ rèé o. Gbígba pọ́ọ̀sì owó lọ́wọ́ ìyálé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìdójútì ni lójú ẹ̀ bí ẹ ò bá mọ ọ́n ṣe. Àwọn èèyàn á ní ọkọ ti gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìyàwó. Òun nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹ tó pe ìyàwó. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn ẹ̀ ni. Kí owó àjùmọ̀lò 30 yẹn àti 40 inú àpótí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa fi ìwé hàn ẹ̀yin méjèèjì. Ipò ẹ̀ dúró síbẹ̀, ìrẹsì ẹlòmíì ló kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkọ mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ó kàn pè wá jọ lálẹ́ ọjọ́ kan ni, mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, mo sì mọ̀ pé ohun tó ṣe dáa.

Ìyàwó Kékeré
Kí n fi kan kún un lórí fífiyè sí ìyàwó. Fóònù! Tó bá jẹ́ ọjọ́ mi, ọkọ á wà lórí ibùsùn mi, á máa bá ìyálé sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí wàsáàpù, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ìyálé sì wà ní yàrá kejì, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ara ògiri. Owó ò lè tán ìyẹn.

Áfàá Ìlọrin
Ànábì máa ń lọ kí gbogbo àwọn ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsàrí, kó tó wá sinmi sílé ẹni tí òru kàn. Ìyẹn dáa fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Kó kí ẹni tí ọjọ́ ò kàn ní ọ̀sán, ojú lójú, kó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ, lẹ́yìn mọ̀gáríbì fóònù wọ àpò.

Ará Pẹ́kámù
Ẹ má bínú sí mi níjẹta, mo kà á kánjúkánjú lórí bọ́ọ̀sì ni. Èmi náà ọmọ orogún ni mí o. Tí ìyá mi bá ti sè tán, ó máa ń ní ká gbé oúnjẹ fún ọmọ ìyá kejì kí àwa tó jẹun. A máa ń bínú nígbà náà. Ọmọ yẹn ló ń tọ́jú ìyá mi báyìí nílé.

Onípákó Ìbàdàn
Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo ṣe é bí Àlàájà ṣe wí, mo kọ́kọ́ bá ìyálé sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Kò pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo mọ iye ọjọ́ tó jẹ́, mo ní 21, ó ní 23 ni, òun ń kà á. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ má rẹ́rìn-ín o. A wọn ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó di ike mú, ìyálé ń gé kóńgò, èmi ń kà á. Ìyàwó ní kí wọ́n fi ìka kan kún un lórí oyún, ìyálé fi kún un láìbínú, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Nǹkan méjì ló ṣì kù. Ọmọkùnrin mi ọdún 16 máa ń jẹun tán lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ kó tún yà sọ́dọ̀ ìyàwó, ìyàwó ò lè lé e, oúnjẹ ẹ̀ ń tán ní ọjọ́ 24. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn. Èkejì ni ti fírísà. Ìyálé ní òun ò fẹ́ owó lọ́wọ́, ẹ̀rọ ata lòun fẹ́, kí òun máa lọ̀ ọ́ fún àwọn èèyàn àdúgbò. Mo ní díẹ̀ nílẹ̀, kò tó, mo lè rà á lẹ́yìn oṣù méjì. Ṣé kí n sọ fún ìyàwó kí n tó rà á, àbí kí n dákẹ́ kó má tún di ìjà?

Ṣọlá Mẹkáníìkì
Ẹ dákẹ́ jàre. Ẹ rà á kalẹ̀, kí ó bá a níbẹ̀. Ó ti gba fírísà tiẹ̀.

Ìyálé Òṣogbo
Ẹ sọ fún un kí ẹ tó rà á, kí ẹ sọ iye ẹ̀ náà. Ní ti ọmọkùnrin yẹn, ẹ yọ ìdajì ẹnu ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, 10,000, kí ẹ fi sí ti ìyàwó fún oṣù kan, kí ẹ wò ó bóyá ìyá ẹ̀ ò ní pè é sẹ́yìn fúnra ẹ̀. Tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Bóyá ọmọ tó ń jẹ níbi méjì ń bá yín tún ilé ṣe ni, kò dá mi lójú.

Ìyàwó Kékeré
Ẹ sọ fún un o, bàbá. Ẹ̀rọ ata kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ọ.